Píọ̀, Rííṣì, Bílẹ́ǹdì: Kí Ni Lébẹ̀lì Aṣọ Ń Sọ fún Ẹni Tó Ń Rà Á?

Bí ẹ bá wọ ọjà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, tàbí tí ẹ gba ọ̀nà Ìsẹ̀ lọ sí Èmùré lọ́jọ́ ọjà, ẹ ò ní pẹ́ rí àwọn tó ń ta òkìríkà. Nínú ẹrù wọn, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì máa ń pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ fẹ́ràn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun, torí pé ó fẹ̀, kò sì ní ojú rírán púpọ̀ láàárín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣọ yìí ṣì ní lébẹ̀lì kékeré létí, òyìnbó ni wọ́n sì fi kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló máa ń fara hàn níbẹ̀ jù: píọ̀, rííṣì àti bílẹ́ǹdì. Píọ̀ kọ́tìn, kọ́tìn rííṣì, kọ́tìn bílẹ́ǹdì.

Etí tó bá gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rò pé òwú ni gbogbo wọn, pé ọ̀kan kàn dára díẹ̀ ju èkejì lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àdéhùn tí òfin ń ṣọ́. Àwọn méjì yòókù kò ṣèlérí iye kankan fún yín. Ẹni tó fẹ́ fi aṣọ náà sùn lásán lè má mọ ìyàtọ̀ náà lára. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ kì í bọ aró á mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan náà, á sì mọ̀ ọ́n nínú àpò rẹ̀.

Òwú àti pọ́lísítà kò jọ ara wọn rárá

Ká tó dé orí ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí wọ́n ń dà pọ̀. Fọ́nrán méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn bẹ́ẹ̀dìṣíìtì yìí: òwú àti pọ́lísítà.

Òwú la mọ̀ ní ilẹ̀ Èkìtì láti ìgbà àwọn ìyá ìyá wa. Wọ́n ń já a lóko, wọ́n ń yọ hóró rẹ̀, wọ́n ń ran án, wọ́n sì ń fi hun kíjìpá lórí òfì àwọn obìnrin, èyí tó dúró lóòró. Ohun tó di òwú ni sẹ́lúlóòsì, èyí tó wà nínú igi àti ewé pẹ̀lú. Sẹ́lúlóòsì fẹ́ràn omi gan-an. Bí ẹ bá ti òwú bọ omi, fọ́nrán rẹ̀ á wú, omi á wọ inú rẹ̀, ohunkóhun tó bá yọ́ sínú omi náà á sì tẹ̀ lé e wọlé.

Pọ́lísítà ní tiẹ̀, ike ni. Kì í ṣe pé mò ń bú u o. Irú pọ́lísítà tí wọ́n fi ń ṣe aṣọ, ohun kan náà ni pẹ̀lú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò mínírà àti ìgò omi. Wọ́n yọ́ ike náà, wọ́n sì fà á di fọ́nrán tín-ín-rín. Ó lágbára, kì í tètè rún, ó sì máa ń tètè gbẹ. Ṣùgbọ́n omi kì í wọ inú rẹ̀. Bí a bá fi òwú àti pọ́lísítà sí inú yàrá kan náà, òwú á fa ọ̀rinrin tó tó nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ti pọ́lísítà kì í tó ìdá kan nínú 100.

Ibí ni ọ̀rọ̀ aró ti wọlé. Àwọn tó ń ṣe àdìrẹ lónìí máa ń po aró pẹ̀lú kọ́sítíìkì sódà àti àídírọ̀. Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni láti mú kí aró tí kì í yọ́ nínú omi lè yọ́ fún ìgbà díẹ̀. Aró náà á bá omi wọ inú òwú tó ti wú. Tí wọ́n bá wá fa aṣọ náà jáde sí afẹ́fẹ́, ọ́síjìn á dá aró padà sí ipò tí kì í yọ́ mọ́, ó sì há sínú fọ́nrán náà nìyẹn. Ẹ ó fọ̀ ọ́ títí, kò ní jáde bọ̀rọ̀. Àmọ́ fọ́nrán pọ́lísítà kò jẹ́ kí omi wọlé, nítorí náà ara rẹ̀ ni aró náà máa dúró sí. Ẹ ṣàn án lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ti bá omi lọ. Bí ilé iṣẹ́ ńlá bá fẹ́ pa pọ́lísítà láró, aró mìíràn ni wọ́n ń lò, nínú ìkòkò tí wọ́n dé pa, tí ooru rẹ̀ sì máa ń tó nǹkan bí 130°C. Kò sí bí a ṣe máa rí irú ooru bẹ́ẹ̀ nínú ike aró ní ẹ̀yìnkùlé.

Píọ̀: ọ̀rọ̀ tó ní ẹ̀rí

Ẹ jẹ́ ká wá ka lébẹ̀lì. Púpọ̀ nínú òkìríkà tó ń dé ọ̀dọ̀ wa, láti Bírítéènì àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ni. Fún ìdí èyí, òfin ọ̀hún ni wọ́n tẹ̀ lé nígbà tí wọ́n kọ lébẹ̀lì náà. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù tó dá lé orúkọ fọ́nrán aṣọ jáde ní ọdún 2011, nọ́ńbà rẹ̀ ni 1007/2011. Bírítéènì náà sì ń lo irú ìlànà kan náà.

Òfin náà sọ pé aṣọ tó jẹ́ fọ́nrán kan ṣoṣo nìkan ni wọ́n lè kọ «100%», tàbí píọ̀, ìyẹn ògidì, sí lára. Ó fàyè gba ìdá 2 péré nínú 100 fún fọ́nrán mìíràn tó bá ṣèèṣì wọ inú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ jẹ́ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sí i. Nítorí náà, bí lébẹ̀lì bá sọ pé píọ̀ kọ́tìn, ẹ lè kà á sí òwú ní ti gidi.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí píọ̀ kò sọ. Kò sọ pé òwú náà dára. Òwú tó kúrú, tó sì máa ń hó irun lẹ́yìn fífọ̀ mẹ́ta, òun náà lè jẹ́ ògidì. Kò sọ ohun tí wọ́n fi tọ́jú aṣọ náà lẹ́yìn tí wọ́n hun ún tán. Àwọn aṣọ òwú kan wà tí wọ́n ti fi kẹ́míkà so fọ́nrán wọn pọ̀ nínú kí wọ́n má bàa máa rún. Òwú ni wọ́n, àmọ́ wọn kì í wú dáadáa nínú omi mọ́, aró kì í sì í mu wọ́n tó bó ṣe yẹ. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tó ń sọ pé aṣọ náà kò nílò áyọ́ọ̀nù, ẹ fura.

Ó tún ku ohun kan tó máa ń ya àwọn aláró lẹ́nu. Wọ́n á rẹ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì píọ̀ kọ́tìn, aṣọ á dúdú minimini, àmọ́ ojú rírán etí rẹ̀ á funfun báláú. Ẹni tó kọ lébẹ̀lì kò parọ́. Òwú tí wọ́n fi rán aṣọ kì í sí nínú ìṣirò òfin náà. Aṣọ fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń kà. Pọ́lísítà sì ni wọ́n sábà máa ń fi rán nǹkan nítorí pé kì í tètè já.

Rííṣì: ọ̀rọ̀ tí kò ní òṣùwọ̀n

Rííṣì túmọ̀ sí pé nǹkan náà pọ̀ níbẹ̀, pé aṣọ náà lọ́rọ̀ òwú. Mélòó ló wá pọ̀? Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Ẹ ka òfin 1007/2011 láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ibi tó ti sọ iye tí òwú gbọ́dọ̀ tó kí wọ́n tó lè pe aṣọ ní rííṣì. Ọ̀rọ̀ ìpolówó ni. Ohun tí àwọn oníṣòwò sábà máa ń fi sọ ni pé òwú ju ìdajì lọ. Òwú 80% á jẹ́ rííṣì, òwú 52% náà á jẹ́ rííṣì.

Ohun tí òfin béèrè fún ni pé kí wọ́n kọ orúkọ fọ́nrán kọ̀ọ̀kan àti ìdá rẹ̀ sí lébẹ̀lì, kí èyí tó pọ̀ jù ṣáájú. Ìdá yìí, ìwọ̀n ni wọ́n fi kà á, bíi pé ẹ gbé aṣọ náà sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n tún fàyè gba ìyàtọ̀ ìdá 3 láàárín ohun tí lébẹ̀lì sọ àti ohun tí láàbù bá rí. Ẹ wo ohun tí èyí lè fà: aṣọ tí wọ́n kọ «52% kọ́tìn, 48% pọ́lísítà» sí lè jẹ́ òwú 49% ní ti gidi, pọ́lísítà ló wá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹni tó ta á kò sì rú òfin. Àmọ́ ó ṣì ń jẹ́ rííṣì lára páálí.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí rííṣì, ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà. Nọ́ńbà yẹn ni lébẹ̀lì, ọ̀rọ̀ ńlá tó wà lókè rẹ̀ kàn ń polówó ni.

Bílẹ́ǹdì: àdàlù, ó tán

Bílẹ́ǹdì ló rọrùn jù láti túmọ̀: àdàlù ni. Ó ń sọ fún yín pé fọ́nrán ju ẹyọ kan lọ. Kò sọ èyí tó pọ̀ jù. Àṣà ọjà ni pé orúkọ tó dùn létí ni wọ́n máa ń gbé ṣáájú. Bí wọ́n bá pe nǹkan ní kọ́tìn bílẹ́ǹdì, òwú inú rẹ̀ lè jẹ́ 60%, ó sì lè jẹ́ 35%. Àdàlù pọ́lísítà 65% àti òwú 35% wọ́pọ̀ gan-an láyé, òun ni wọ́n máa ń fi rán yunifọ́ọ̀mù ilé ìwé àti aṣọ iṣẹ́. Fún yunifọ́ọ̀mù, ó dára: ọmọ á wọ̀ ọ́ títí, kò ní tètè ya, kò sì ní fẹ́ áyọ́ọ̀nù púpọ̀. Àmọ́ fún aró, ìdá 35 péré nínú 100 ló máa gba nǹkan kan.

Ẹ má sì jẹ́ kí a kórìíra àdàlù o. Aṣọ òkè tí à ń fi ṣe ìnáwó lónìí, àdàlù ni púpọ̀ nínú wọn, nítorí òwú dídán tí wọ́n ń fi sí i. Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé: kí ni mo fẹ́ fi aṣọ yìí ṣe?

Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àǹtí mi

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Àǹtí mi kan ń ṣe àdìrẹ ní Ìkẹ́rẹ́. Ó ra bẹ́ẹ̀dìṣíìtì funfun mẹ́fà lọ́wọ́ ẹnì kan, ó dì wọ́n, ó sì rì wọ́n bọ aró búlúù. Nígbà tó tú wọn, mẹ́ta dúdú dáadáa, mẹ́ta yòókù dà bí aṣọ tí wọ́n ti ń fọ̀ láti ọdún mẹ́ta. Ó tún wọn rì, wọ́n dúdú díẹ̀ sí i, àmọ́ wọn ò bá àwọn ti àkọ́kọ́ mu. Ó rò pé àídírọ̀ òun ti bàjẹ́.

Ó ní, «Ọmọ mi, ìwọ lo ń ka kẹ́mísìrì, wá wò ó fún mi. Ẹni tó tà á fún mi ní kọ́tìn ni gbogbo ẹ̀, ó tiẹ̀ fi lébẹ̀lì hàn mí.»

Mo ní, «Àǹtí, ẹ jẹ́ ká wo lébẹ̀lì náà fúnra wa.»

Lára àwọn mẹ́ta tó mu aró, píọ̀ kọ́tìn ló wà níbẹ̀. Lára àwọn mẹ́ta yòókù, kọ́tìn rííṣì ni wọ́n kọ gàdàgbà, wọ́n sì kọ 52 àti 48 sí abẹ́ rẹ̀ kékeré. Ẹni tó tà á kò purọ́, nítorí kọ́tìn ló kà. Aró kò sì bàjẹ́.

Ẹ wo ìṣirò náà. Ká ní bẹ́ẹ̀dìṣíìtì rííṣì kan wọn gíráàmù 500. Òwú inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 260, pọ́lísítà jẹ́ 240. Gíráàmù 260 yẹn nìkan ló mu aró. Wọ́n ti ran fọ́nrán méjèèjì pọ̀ nínú òwú kan náà kí wọ́n tó hun ún, nítorí náà ẹ ò ní rí ilà funfun àti ilà búlúù. Ojú á kàn rí búlúù tí funfun tín-ín-tìn-ìn-tín wà láàárín rẹ̀ káàkiri, ìyẹn ló fi jọ aṣọ tó ti ṣá. Bí ẹ bá tún un rì, òwú á túbọ̀ dúdú, àmọ́ funfun pọ́lísítà á ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá fi owó kún un. Ká sọ pé píọ̀ jẹ́ ₦6,000, rííṣì sì jẹ́ ₦4,500, tí ìwọ̀n méjèèjì jọ jẹ́ gíráàmù 500. Lára píọ̀, gíráàmù 100 òwú jẹ́ ₦1,200. Lára rííṣì, ẹ pín ₦4,500 sí ọ̀nà 260, kí ẹ fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀: ó fẹ́ẹ̀ tó ₦1,731. Lójú aláró, èyí tó dà bíi pé ó pọ́ọ́kú gan-an ló wọ́n jù.

Bí lébẹ̀lì bá ti já ńkọ́?

Nínú òkìríkà, ọ̀pọ̀ lébẹ̀lì ti já lọ. Nínú aṣọ tí wọ́n ń gé ní yáàdì pẹ̀lú, ohun tí wọ́n tẹ̀ sí etí rẹ̀ nìkan la máa ń rí. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ bíi wáàsì tó máa ń wà létí àǹkárá, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ àwòrán sí i ni orúkọ yẹn ti wá, kì í ṣe fọ́nrán rẹ̀. Àǹkárá tí wọ́n fi pọ́lísítà ṣe wà lọ́jà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní Nàìjíríà kò fàyè gba kí wọ́n fi àpèjúwe èké ta ọjà, àmọ́ ní ìdí àtẹ, ojú àti ọwọ́ yín ni ẹ máa lò.

Iná ni àyẹ̀wò àkọ́kọ́. Ẹ fa òwú mẹ́ta tàbí mẹ́rin yọ létí aṣọ náà, ẹ lọ́ wọn pọ̀, kí ẹ fi ẹ̀mú dì wọ́n mú lókè àwo tí omi wà nínú rẹ̀. Ẹ rọra gbé e sún mọ́ iná àbẹ́là. Ògidì òwú á gbiná kíá, á máa jó lọ bí ẹ bá tiẹ̀ gbé e kúrò, á rùn bíi bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì fẹ́lẹ́. Pọ́lísítà á ká kò kúrò níwájú iná, á yọ́, á mú èéfín dúdú jáde, á sì di kóró dúdú líle. Ẹ má fọwọ́ kàn án nígbà tó bá ṣì gbóná, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ara. Àdàlù á jó bí òwú, àmọ́ bí ẹ bá fi ìka tẹ eérú rẹ̀ lẹ́yìn tó ti tutù, ẹ ó bá kóró líle nínú rẹ̀.

Iná ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè sọ bóyá òwú jẹ́ 52 tàbí 80. Kò sì lè ya òwú sọ́tọ̀ kúrò lára físíkóòsì, fọ́nrán tí wọ́n ń fi igi ṣe, nítorí pé sẹ́lúlóòsì ni àwọn méjèèjì. Fún ìyẹn, omi lẹ ó lò. Ẹ fa òwú kan ṣoṣo yọ, ẹ fi omi tàbí itọ́ ra àárín rẹ̀ nìkan, kí ẹ wá fà á já. Bó bá já níbi tó tutù, físíkóòsì ló jọ, nítorí omi máa ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Bó bá já níbi tó gbẹ, òwú ló jọ, nítorí pé òwú tó tutù máa ń lágbára ju èyí tó gbẹ lọ. Aró máa ń mu físíkóòsì dáadáa, àmọ́ ó lè ya mọ́ yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ bá ń fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ nọ́ńbà gan-an, láàbù ló ń lọ. Wọ́n á gbẹ aṣọ náà, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi sínú H₂SO₄ 75% ní ooru bíi 50°C fún wákàtí kan. Ásíìdì náà á yọ́ òwú, á fi pọ́lísítà sílẹ̀. Wọ́n á ṣàn án, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á sì tún un wọ̀n. Bí gíráàmù 1 bá wọlé tí 0.48 jáde, pọ́lísítà tó nǹkan bí ìdá 48 nínú 100. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbìyànjú èyí nílé o. Ásíìdì yẹn á yọ́ òwú tó wà lára yín náà, á sì dé awọ ara.

Fún aláró, àyẹ̀wò kan wà tó ju gbogbo èyí lọ. Ẹ ra ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹrù náà, ẹ gé ìwọ̀n páálí ìṣáná lára rẹ̀, kí ẹ tì í bọ aró tó ṣẹ́kù nínú ike. Ẹ ṣàn án, ẹ sá a, kí ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ mọ̀ pé ògidì ni. Àmọ́ ìyẹn náà ò ní sọ ti èyí tó kù nínú ẹrù náà, torí òkìríkà kì í jọra. Àǹtí mi ti wá ní ètò tirẹ̀ báyìí: èyí tó ní lébẹ̀lì, nọ́ńbà ló kọ́kọ́ ń wá, bí kò bá sì jẹ́ 100, ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èyí tí kò ní lébẹ̀lì, ó máa ń fa òwú rẹ̀ yọ, á ní kí ẹni tó ń tà á yá òun ní ìṣáná.